Máàkì Mélòó Ni Mo Gbọ́dọ̀ Gbà Bí Olùkọ́ Bá Lè Fi Kún Un?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká kọ ìdánwò Sitatísíìkì nígbà tí wọ́n lẹ máàkì tẹ́ẹ̀sì wa mọ́ ògiri. 22 nínú 40 ni mo rí. B ni mo ń lé, láti 60 ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò fúnra rẹ̀ jẹ́ máàkì 60. Bí mo bá yọ 22 kúrò nínú 60 ti B, ó ku 38 tí n ó gbà nínú ìdánwò.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tí mò ń gbé lójú ọ̀nà Ẹdẹ, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé olùkọ́ yìí máa ń ṣe kọ́ọ̀fù, pé á fi máàkì kún ti gbogbo kíláàsì. Àwọn kan ti torí ẹ̀ pa ìwé dé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà lè gbọ́kàn lé e.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ti wà lọ́dún tó kẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ṣe é fún ẹ̀yin àtàwọn tó ṣáájú yín?"

"Àbúrò, ọdún mẹ́rin ni mo mọ̀," ló fi dá mi lóhùn. "Tó bá ṣe é, á sọ ọ́ ní kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kò fi nǹkan kan kún un. Lẹ́ẹ̀kan, ó fún olúkúlùkù ní 5. Lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ga jù ní 84, ó sọ ọ́ di 100, ó wá fi ìwọ̀n yẹn gbé tiwa náà sókè."

Mo bi í bóyá àpapọ̀ máàkì ló gbé sókè àbí ti ìdánwò nìkan. Ó ní àpapọ̀ ni. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì, torí èsì ẹ̀ ń yí iye tí mo ń wá padà.

Mo gbé bírò. Bí kò bá sí kọ́ọ̀fù, 38 ni. Bó bá fi 5 kún un, 33 ti tó. Bó bá jẹ́ ti 84, n ó pín 60 sí 100, n ó sọ ọ́ di ìlọ́po 84, ó jẹ́ 50.4. Àpapọ̀ 51 á gbé mi dé B, 29 péré ni n ó sì gbà nínú ìdánwò.

Ibí ni mo ti fẹ́ ṣìnà. Mo pa 38, 38, 33 àti 29 pọ̀, mo pín in sí mẹ́rin, ó fún mi ní 34.5. Mo ní ká sọ pé 35 ni. Ìgbà tí mo tún un wò ni mo rí i pé 35 kò gbà mí lọ́dún méjì nínú mẹ́rin náà. Kò sí ọdún kankan tí olùkọ́ á lo ìpíndọ́gba. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ló máa ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà mo yí ìbéèrè mi padà: bí mo ṣe wà yìí, ẹ̀ẹ̀melòó nínú ọgọ́rùn-ún ni mo lè rí B? Mo ṣe fọ́tókọ́pì ìbéèrè ìdánwò ọdún márùn-ún, mo jókòó tì wọ́n bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn, aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi bá mi máàkì wọn: 34, 41, 31, 39, 36. Méjì nínú márùn-ún ló dé 38, ìyẹn 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin dé 33, ìyẹn 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wọn dé 29, ìyẹn 100.

Ìdajì nínú ọdún mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n sọ ni kò ní kọ́ọ̀fù, ìdá mẹ́rin ní ti 5, ìdá mẹ́rin ní ti 84. Ìdajì 40 jẹ́ 20. Ìdá mẹ́rin 80 jẹ́ 20. Ìdá mẹ́rin 100 jẹ́ 25. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rù bà mí.

Mo wá bi ara mi pé bí mo bá lè fi 4 kún ìdánwò kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Á di 38, 45, 35, 43, 40. Mẹ́rin ló dé 38, gbogbo ẹ̀ ló dé 33. Ẹ̀ẹ̀márùndínláàádọ́rin yẹn á di 90. Máàkì 4 péré! Ibi tí mo ti ń pàdánù wọn sì hàn nínú ìwé tí ọ̀rẹ́ mi máàkì: ìbéèrè tó dá lórí ṣíṣe àyẹ̀wò àbá. Ìyẹn ni mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kà.

Mi ò gbára lé 90 yẹn pátápátá. Ọdún mẹ́rin kéré láti fi mọ ìwà olùkọ́. Yàtọ̀ síyẹn, ìgbà tí ìbéèrè bá le tí gbogbo kíláàsì ṣubú ni wọ́n sábà máa ń fi máàkì kún un, máàkì tèmi náà á sì já wálẹ̀ lọ́dún bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀fù àti ìṣubú jọ ń rìn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fojú sí 38, tí mo ka ìyókù sí àjẹmọ́nú.

Nígbà tí èsì jáde, 63 ló wà níwájú nọ́ńbà mi. Olùkọ́ ti sọ fún wa ní kíláàsì pé òun kò fi nǹkan kan kún ti ẹnikẹ́ni. 41 ni mo gbà nínú ìdánwò nìyẹn.