Ẹ yé náwó sórí rọ́bà nìkan: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ṣíṣe ààtàn ìgbàlódé

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́. Èèyàn á ra rọ́bà láínà olówó ńlá, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdọ̀tí kí omi ẹ̀ má bàa jò wọlẹ̀, á wá máa ṣahun lórí òkúta àti páìpù tó yẹ kó kó omi ìdọ̀tí kúrò lórí ẹ̀.

1. Ẹ má fi amọ̀ tẹ́ẹ ti kì mọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn. Á sán. Kíá ni kẹ́ẹ tẹ́ rọ́bà lé e.

2. Ẹ má gba ojú ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ rọ́bà pọ̀ láìdán an wò. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sáàárín ìlà lílẹ̀ méjèèjì, kẹ́ẹ máa wo géèjì. Tó bá ń lọ sílẹ̀, ó ń jò nìyẹn.

3. Páìpù! Ìwọ̀n táwọn ẹnjiníà ń lò ni pé kí omi tó dúró lórí láínà má ga ju 30 sẹ̀ntímítà lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ lórí amọ̀ nìkan, bí ẹni pé kò sí rọ́bà. Hẹ́kítà kan, amọ̀ tó nípọn tó 60 sẹ̀ntímítà, tí omi ń gbà kọjá ní 1×10⁻⁷ sẹ̀ntímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí omi bá ga tó 30 sẹ̀ntímítà, nǹkan bí 1,300 lítà ló máa jò lójúmọ́. Tí páìpù bá dí tí omi wá ga dé mítà 3, ó di bíi 5,200 lítà. Amọ̀ kan náà ni o!

Kí ló ń dí i? Aṣọ àsẹ́ tí wọ́n wé mọ́ ara páìpù gan-an ni. Mo dé ààtàn kan tí òjò ń rọ̀ lákọlákọ, pọ́ńpù ò rí nǹkan fà, ọ̀gá ibẹ̀ ń dunnú pé ibẹ̀ gbẹ, mo bá rìn yí ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà ká, omi dúdú ń sun láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, koríko abẹ́ ẹ̀ ti kú. Nígbà tí wọ́n hú ẹnu páìpù jáde, aṣọ yẹn ń yọ̀ bí ilá, ihò kankan ò ṣí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, òkúta ni kẹ́ẹ fi aṣọ wé, kí òkúta wá yí páìpù ká. Kó má jẹ́ òkúta ẹfun o, omi ìdọ̀tí máa ń jẹ ẹ́. Kí ẹnu páìpù sì yọ síta, kẹ́ẹ lè máa fi omi alágbára fọ inú ẹ̀.

Ti gáàsì tó ń jáde lára ìdọ̀tí tó ń jẹrà náà so mọ́ ọn. Mẹ́tẹ́ènì tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ láàárín ìdá 5 sí 15 nínú 100, iná kékeré ló kù tó máa bú gbàù. Tí omi bá ga, ó máa ń kún ihò ara kànga gáàsì, ìyẹn páìpù tí wọ́n rì sínú ìdọ̀tí láti fa gáàsì jáde, gáàsì ò ní ríbi gbà jáde lókè, inú ilẹ̀ ló máa gbà lọ sábẹ́ ilé tó bá wà nítòsí. Nítorí náà tí gáàsì bá dínkù lójijì, ẹ kọ́kọ́ ju okùn ìwọ̀n sínú kànga, kẹ́ẹ wo ibi tómi dé, kẹ́ẹ tó lọ máa ra fáànù tuntun tó ń fa gáàsì.