Ìwé sọ́fè 1984 bọ́ sí àgbàlá ẹlòmíì: ọ̀rọ̀ dátọ̀mù Minna

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìwé sọ́fè ilẹ̀ bàbá wa ní Ìbàdàn, ti 1984, kọ E 599400, N 818000 sí òpó ààlà kan. Mo gbé e lé àwòrán sátẹ́láìtì nínú QGIS, àgbàlá ẹlòmíì ló bọ́ sí. Ṣé awọnlẹ̀ ló ṣì í wọ̀n?

Ìdáhùn: Kò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí àwọn òpó yòókù ṣe yẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jọ yẹ̀ sí gúúsù ìlà-oòrùn, ní nǹkan bíi mítà 150, tí ilẹ̀ náà kò sì yí ìrísí padà, dátọ̀mù ló fà á, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ń ka nọ́ńbà ilẹ̀. Dátọ̀mù Minna ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà. Òpó L40 ní Minna ni orísun rẹ̀, Clarke 1880 sì ni ìwọ̀n ayé tó lò. WGS 84 ni ti sátẹ́láìtì. Ibi tí ọ̀kan pè ní àárín ayé kọ́ ni èkejì pè bẹ́ẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà kan náà ń tọ́ka sí ibi méjì.

Ó dà bíi pé EPSG:32631, ìyẹn UTM ti WGS 84, lẹ yàn fún nọ́ńbà àtijọ́ yẹn. Ẹ lọ sí Set Layer CRS, kí ẹ yan EPSG:26331, ìyẹn UTM ti Minna. Ẹ kò tíì yí nọ́ńbà kankan padà o; ẹ kàn sọ irú ẹni tó jẹ́ fún kọ̀ǹpútà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Save Features As gbé e jáde sí EPSG:32631.

Ìbéèrè: Mo ṣe é, kò kúrò lójú kan.

Ìdáhùn: Ẹ wo Transformations nínú Project Properties. Bí ẹ bá rí Ballpark níbẹ̀, ìyẹn ìfojúdá lásán, QGIS kò ṣí dátọ̀mù náà nípò rárá. Ẹ fi èyí dán an wò:

```
echo 599400 818000 | cs2cs +proj=utm +zone=31 \
 +a=6378249.145 +rf=293.465 \
 +towgs84=-92,-93,122 \
 +to +proj=utm +zone=31 +datum=WGS84
```

E máa dín ní nǹkan bíi mítà 88, N á lé ní bíi 119. Bí nọ́ńbà bá jáde bó ṣe wọlé, àtúnṣe kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè: Ìwé mìíràn ní àdúgbò kan náà kọ E 164500, N 376000 ńkọ́?

Ìdáhùn: Nigeria West Belt nìyẹn, EPSG:26391. Minna náà ni, àmọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà yàtọ̀. Bí ẹ bá kà á sí UTM, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà ló máa fi yẹ̀. Kò jọ ti mítà 150 rárá.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi mọ ògiri?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò! Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà nínú towgs84 yẹn jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà lápapọ̀, ó sì lè fi bíi mítà 15 yẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti ń jà lórí ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wá òpó àtijọ́ mẹ́ta tí wọn kò hú, tí nọ́ńbà wọn wà lórí ìwé, kó sì gbé ẹ̀rọ GNSS lé orí wọn. Ìyàtọ̀ tó bá rí lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá dọ́gba, ìyẹn ni kó fi ṣí ilẹ̀ yín nípò. Bí ọ̀kan bá dá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti gbé òpó yẹn kúrò níbi tó wà. Kó wá òmíràn.