Owó Tí Ìyọ̀ǹda Owó Ìkẹ́kọ̀ọ́ Kò Kàn

Títí di òní ni gbólóhùn kan ń bí mi nínú, èyí tó wà nínú lẹ́tà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà fi gbà mí wọlé, pé wọ́n ti yọ̀ǹda gbogbo owó ìkẹ́kọ̀ọ́ fún mi. Òótọ́ ni, nítorí wọn kò gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ́wọ́ mi títí mo fi gboyè. Ohun tí wọn kò sọ ni pé owó ìkẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí àwọn owó tí wọ́n ń gbà lórí kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ àti ilé eré ìdárayá, ó sì yàtọ̀ sí owó adójútòfò ìlera. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, dọ́là 1,150 ni àwọn owó wọ̀nyẹn, 1,300 sì ni ti adójútòfò. Bẹ́ẹ̀ dọ́là 18,000 ni wọ́n ń san fún mi gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, ìyẹn 2,000 lóṣù. Gbèsè sáà àkọ́kọ́ ju owó oṣù àkọ́kọ́ lọ, ọjọ́ tí wọ́n dá fún sísan rẹ̀ sì ti kọjá kí owó oṣù náà tó wọlé.

N kò ní pẹ́ lórí kíkọ ìwé ìbéèrè, gbígba lẹ́tà àwọn olùkọ́ àti gbígba físà. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti há ni ọ́fíìsì ìṣúná. Ìyọ̀ǹda náà kì í dé orí ìwé gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀ka rẹ̀ ti parí ètò ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ètò yìí kò sì lè parí bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ fún kírẹ́díìtì mẹ́sàn-án, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye ẹ̀kọ́ tí ó gbà ní sáà kan. Mẹ́fà ni tèmi, nítorí pé ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi nìkan ló lè ṣí mẹ́ta tó kù, èyí tó jẹ́ ti ìwádìí. Kí ó tó ṣí i, gbogbo owó ìkẹ́kọ̀ọ́, tó lé ní dọ́là 12,000, ti hàn gẹ́gẹ́ bí gbèsè lórúkọ mi, kọ̀ǹpútà sì ti ti ìforúkọsílẹ̀ mi pa. N kò lè fi kírẹ́díìtì kún un nítorí gbèsè, gbèsè kò sì lè kúrò nítorí kírẹ́díìtì kò pé. Wọ́n tún fi owó ìtanràn 150 lé e. Bí mo bá dé ọ́fíìsì ìṣúná, wọ́n á ní kí n lọ sí ẹ̀ka mi; bí mo bá dé ẹ̀ka, wọ́n á dá mi padà.

Akọ̀wé ẹ̀ka ló tú u. Ó kọ ìwé sí ọ́fíìsì ìṣúná pé ètò ìgbanisíṣẹ́ mi ń lọ lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ṣí i, mo fi kírẹ́díìtì mẹ́ta kún un, ìyọ̀ǹda náà jáde, mo sì rí i dájú pé wọ́n yọ owó ìtanràn náà. Inú mi dùn pé n kò san án.

Ìgbà tí mo ti rí èyí ni mo tó mọ bí a ṣe ń fi lẹ́tà méjì wéra. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì tó gbà mí fẹ́ san 16,500, ṣùgbọ́n àwọn ni yóò san adójútòfò, àwọn owó tó kù kò sì ju 400 lọ ní sáà kan. Bí a bá yọ ti sáà méjèèjì kúrò, 15,700 ló kù nínú tiwọn, nígbà tí 13,100 péré kù nínú tèmi. Bí a bá sì pín 13,100 sí oṣù méjìlá, nítorí kò sí owó oṣù ní àkókò ìsinmi gígùn, kò pé 1,100 lóṣù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí ogún lọ lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí sáà bá ń lọ, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ mi sì ti gba gbogbo wákàtí yẹn.

Ní ìsinmi gígùn, mo gba owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní fẹ́lóṣíìpù, dọ́là 3,000. Kò ní iṣẹ́ nínú, èyí tó fún mi láyè láti parí apá kan nínú ìwádìí mi, mo sì fi í yangàn. Ṣùgbọ́n 2,580 ló dé ọwọ́ mi, nítorí pé wọ́n máa ń yọ owó orí ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún lára irú owó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tó ní físà F-1 bá fẹ́ fi jẹun tàbí sanwó ilé, bí kò bá sí àdéhùn owó orí láàárín orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n yọ sínú fọ́ọ̀mù 1042-S.

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn pé wọn kò ní fipá mú ẹni tí wọ́n gbà wọlé tí wọ́n sì fẹ́ fún ní owó ìrànwọ́ láti fèsì ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Nínú àkókò yẹn ni kí ẹ béèrè, kí wọ́n sì fi ìwé dáhùn: àwọn owó wo ni ìyọ̀ǹda kò kàn, ta ni yóò san adójútòfò, ọjọ́ wo ni owó oṣù àkọ́kọ́ yóò wọlé, ṣé wọ́n lè máa yọ gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù, àti pé kírẹ́díìtì mélòó ló gbọ́dọ̀ wà lórúkọ yín kí ìyọ̀ǹda tó jáde.