Bí Ẹ Bá Ń Pe "Bí" fún Ọmọ, Ẹ Má Retí "Bà": Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Ìró Kọ́ Ọmọdé ní Ìwé Kíkà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, ìyá kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo ohun tí òun rà. Àpótí ńlá kan ni, tí káàdì aláwòrán, àwo orin àti ìwé atọ́nà olùkọ́ kún inú rẹ̀, láti ìlú òyìnbó ni gbogbo rẹ̀ sì ti wá. Ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ láti máa ka Yorùbá. Mo wo káàdì, mo wo ojú rẹ̀, n kò sì lè fọhùn, nítorí pé èmi náà ti ra irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí ní ₦38,000, nígbà tí owó oṣù mi kò tó ₦60,000. Orí àjà ni tèmi wà títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ti mọ̀ pé etí ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ní láti gbọ́ pé sílébù wà nínú ọ̀rọ̀, pé ìró wà nínú sílébù, àti pé a lè yọ ìró kan, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí a so wọ́n pọ̀. N kò ní fi àlàyé ìyẹn gba àkókò yín. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ọ̀nà tí wọ́n là fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ń gbà kọ́ ọmọ ní Yorùbá, owó gọbọi ni a sì ń san kí a tó gbà á.

Àṣìṣe kìn-ín-ní ni kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kọ orin ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn dún bákan náà. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Lẹ́tà fáwẹ̀lì wọn kì í dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ wọn a máa dúró díẹ̀. Ẹ wo night, light àti fight: ìparí wọn kò yàtọ̀ létí, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni ojú sì ń rí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì nínú wọn kò dún rárá. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti mọ̀ pé ẹbí ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò ti ara ọ̀kan ka ìyókù. Àkọtọ́ Yorùbá kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, nítorí pé "a" kò yí padà láti inú ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Sílébù wa pẹ̀lú kò gùn: ó lè jẹ́ fáwẹ̀lì nìkan, ó lè jẹ́ kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ̀lì, ó sì lè jẹ́ "n" tàbí "m" aránmúpè tí ó dá dúró. Bí ẹ bá yọ "t" kúrò lára "tà", "à" ni ó kù. Kí ni ẹ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ lórin nípa "à"?

Èyí tí ó tún burú ni pé ọ̀nà yìí kì í ka ohùn sí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún àwọn ọmọ, ajá, ọjà àti ìjà, mo sì ní kí wọ́n sọ fún mi bóyá àlejò wà láàárín wọn. Gbogbo wọn pariwo pé ajá ni. Mo fún gbogbo wọn ní òdo, nítorí pé ìwé atọ́nà mi sọ pé ìparí tí a bá fi lẹ́tà kan náà kọ ti bára mu, "ja" ni ó sì wà ní ìparí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀ pé èmi ni òdo tọ́ sí. Ohùn òkè ni ó parí ajá, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó parí ọjà àti ìjà, etí àwọn ọmọ náà sì mú un kíá, nígbà tí ojú ìwé ti di èmi létí.

Àṣìṣe kejì ni èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn. A máa ń ka ábídí pé a, bí, dí, e, ẹ, fí, gí, gbí, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, orúkọ lẹ́tà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ lẹ́tà kì í ṣe ìró rẹ̀. Olùkọ́ yóò kọ "bàtà" sójú pátákó, yóò na pàṣán sí i, yóò ní: "Bí, à, bà, tí, à, tà. Kí ni?" Gbogbo kíláàsì yóò hó pé "Bàtà!" Inú olùkọ́ yóò dùn. Kò rántí pé àwòrán bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, àti pé òun fúnra rẹ̀ ti pe "bà" àti "tà" kí wọ́n tó dáhùn.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà ní ọ̀kan nínú àwọn iléèwé tí mo ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n sọ fún mi pé ó ti mọ̀wé kà. Ó ka "bàtà" fún mi láìkọsẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo àwòrán, mo sì kọ "tàbà", tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń kàwé ni tàbí ó ń rántí. Ó ní: "Tí, à, bí, à." Mo ní kí ó so wọ́n pọ̀. Ó ní: "Tíàbíà." Ó wo àjà, ó wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó sì dákẹ́. Ọmọ náà kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹni tí a ní kí ó so "tí" mọ́ "à", "tíà" náà ni yóò rí.

Àwọn kan ti gbọ́ èyí, wọ́n sì ti pa "bí" tì, "bù" ni wọ́n ń pè báyìí. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀, àrùn náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé "bù" pẹ̀lú "à" kò lè di "bà". Ohun tí ó fa wàhálà ni pé b, d, t, k, g, gb àti p kò ṣeé pè ní àwọn nìkan kí ọmọdé sì gbọ́ ọ. Ẹnu ní láti sé èémí pa ná, ìgbà tí ó bá ṣí ni a ń gbọ́ wọn, fáwẹ̀lì ni ó sì máa ń bá wọn jáde. Ṣùgbọ́n m, f, s, ṣ àti l ṣeé fà gùn títí èémí yóò fi tán. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe fún ọmọbìnrin náà nìyí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́. Mo pa ètè dé, mo ń kùn "mmmm", mo sì ní kí ó máa wo ètè mi. Láìmí, láìdúró, mo la ẹnu sí "á": "mmmmá". Òun náà ṣe é. Àìdúró yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé bí àlàfo bá ti wọ àárín ìró méjì, wọn kò ní di ọ̀kan mọ́. Láti ibẹ̀ a dé "mu" àti "mi", lẹ́yìn náà a mú "l" àti "f": lá, lù, lọ, fà, fọ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó ka "ọfà" láìsí àwòrán, ó sì bi mí ohun tí ọfà ń jẹ́, èyí tí ó fi yé mi pé kíkà ni ó kà á, kì í ṣe pé ó rántí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mú "b" wọlé, n kò sì dá a pè. Mo kọ "má", mo nu "m" kúrò, mo fi "b" sípò rẹ̀, mo ní: "Pa ètè dé bíi ti tẹ́lẹ̀, má kùn rárá, kí o wá bẹ́ ẹ sí 'á'." Ó bẹ́ ẹ, itọ́ ta sí mi lójú, "bá" sì jáde. A ṣe "t" bákan náà láti ara "l". Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó ka "tàbà", ó sì fi mí rẹ́rìn-ín pé mi ò mọ̀wé kọ.

Ẹ̀kẹta: "gb" kì í ṣe gí àti bí, ìró kan ni, ẹ kọ ọ́ sórí káàdì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹrin: "p" tí ó wà nínú àwo orin òyìnbó kì í ṣe "p" tí ó wà nínú pápá.

Ẹ pàtẹ́wọ́ mẹ́ta fún "òǹkà", ẹ má pa méjì. Sílébù ni "ǹ". Ṣùgbọ́n "n" inú "ìbọn" kò ní àtẹ́wọ́ tirẹ̀, imú ni ó ń fi ọ̀nà hàn fún "ọ".

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan tí n kò lè fò. Àwọn kan gbà pé ọmọ kò gbọdọ̀ fojú kan lẹ́tà títí etí rẹ̀ yóò fi mọ gbogbo ìró tán. Ní ọdún 1983, àwọn olùṣèwádìí méjì, Bradley àti Bryant, tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 65 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní títo ọ̀rọ̀ pọ̀ nípa ìró wọn, fún ogójì ìpàdé láàárín ọdún méjì. Wọ́n kọ́ àwọn mìíràn ní ohun kan náà, wọ́n sì kó lẹ́tà oníke lé wọn lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n rí lẹ́tà ni wọ́n tayọ jù nínú ìwé kíkà. Ṣáájú ìyẹn, ní 1979, Morais àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Pọtogí tí wọn kò kàwé rí ṣiṣẹ́, wọ́n sì rí i pé ó nira gan-an fún wọn láti yọ ìró kan kúrò níwájú ọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn tí wọ́n dàgbà kí wọ́n tó kàwé ṣe é dáadáa jù wọ́n lọ. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ máa ń la etí. Mo rí èyí nílé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, lọ́dọ̀ màmá kan tí ó lè ki oríkì ìdílé rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo ní: "Màmá, ẹ bá mi yọ ìró àkọ́kọ́ kúrò nínú bàtà." Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní: "Ṣé kí n bọ́ ọ ni, tíṣà?"

Nígbà tí mo ń bá ìyá oníléèwé yẹn sọ̀rọ̀ lórí àpótí rẹ̀, a gbọ́ ohùn àwọn ọmọbìnrin méjì láti ẹ̀yìn fèrèsé: "Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ sígílégé." Ìyá náà bínú, ó ní ẹnà ni wọ́n tún ń fọ̀, òun sì ti ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó pe èyí ẹ̀gbọ́n wọlé. Mo ní kí ó fi ẹnà pe bàtà. Ó ní: "Bàgàtàgà." Ó ti gé ọ̀rọ̀ náà sí sílébù, ó mú fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tòun ti ohùn rẹ̀, ó sì fi "g" síwájú rẹ̀, láìsí káàdì, láìsí àwo orin. Mo ní kí ó fi "m" dípò "g". Kò tilẹ̀ ronú: "Bàmàtàmà." Mo kọ ọ́ sójú pátákó bí ó ṣe ń pè é, mo ní kí ó fi ìka tọ "m", ó sì tọ méjèèjì.

Ìyá oníléèwé pa àpótí náà dé, ó bi mí bóyá ẹni tí ó tà á fún òun yóò gbà á padà. Mo ní kí ó má wulẹ̀ béèrè, mo ti béèrè ti tèmi rí.