Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Lọ́yà àti Sámáǹsì Kí Ọjọ́ Má Baà Kọjá Lórí Ẹni

Kí o tó ka ẹ̀sùn tí wọ́n kọ síbẹ̀, orí ìwé ni kí o kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ orúkọ ọ́fíìsì lọ́yà nìkan ló wà níbẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ ni. Lọ́yà ló dá ọjọ́ inú rẹ̀, kì í ṣe kóòtù. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, o ò tíì jẹ̀bi, àmọ́ wọ́n lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù.

Bí o bá rí orúkọ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti tìrẹ gẹ́gẹ́ bí olùjẹ́jọ́, sámáǹsì nìyẹn. Fi nọ́ńbà ẹjọ́ bi akọ̀wé kóòtù bóyá ẹjọ́ náà wà lóòótọ́. Má pe fóònù tó wà lórí ìwé náà o. Fúnra rẹ ni kí o wá nọ́ńbà fóònù kóòtù, torí àwọn gbájúẹ̀ ń tẹ ayédèrú sámáǹsì.

Kíka ọjọ́ ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Má ju àpòòwé nù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kọ ọjọ́, aago àti ẹni tó gbà á sí, má fi bírò kan ìwé kóòtù fúnra rẹ̀. Ká ní lọ́yà kọ ìwé ní ọjọ́ 3, ó dé ọwọ́ rẹ ní ọjọ́ 6, ó sì fún ọ ní ọjọ́ 7 “láti ọjọ́ tí a kọ ìwé yìí”. Ọjọ́ 10 ló parí, kì í ṣe ọjọ́ 13. Sámáǹsì wá dé ní ọjọ́ 12, ó ní kí o fèsì láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí o gbà á. Níbi púpọ̀, wọn kì í ka ọjọ́ tí o gbà á, nítorí náà ọjọ́ 26 ló kẹ́yìn. Ọjọ́ 22 ni kí o fi ṣe òpin tìrẹ. Títí akọ̀wé kóòtù yóò fi sọ òmíràn fún ọ, ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn.

Tún wò ó bóyá ọjọ́ méjì ló wà nínú sámáǹsì náà: ọjọ́ ìfèsì àti ọjọ́ ìfarahàn ní kóòtù. Àwọn èèyàn máa ń rí ọjọ́ ìfarahàn tó ṣì jìnnà, wọn a fọkàn balẹ̀, ọjọ́ ìfèsì a sì ti kọjá. Adájọ́ lè ti ibẹ̀ dá olùpẹ̀jọ́ láre láìgbọ́ tẹnu rẹ.

Bí o bá ń bá lọ́yà olùpẹ̀jọ́ dúnàádúrà lórí fóònù, ọjọ́ ń lọ síbẹ̀. Kódà bó bá ní kí o má ṣèyọnu, fi ìfèsì rẹ ránṣẹ́ sí kóòtù, kí o sì gba ẹ̀dà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ gbígbà sí.

Ìwé kan wà tí kò gba kíka ọjọ́ rárá: àṣẹ kóòtù tó ní kí o dáwọ́ nǹkan kan dúró. Dáwọ́ rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kí o sì wá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà gan-an.