Bí A Ṣe Ń Pín Owó Ilé, Omi àti Íńtánẹ́ẹ̀tì Nígbà Tí Yàrá Kò Bá Dọ́gba

Àṣìṣe kan náà la ń bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó jọ ń gbé fúláàtì: wọ́n á fẹ́ fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo pín ohun gbogbo. Àwọn kan á pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́ta ọgbọọgba, ẹni tó wà ní yàrá kékeré á wá máa kùn. Àwọn mìíràn á fi títóbi yàrá pín owó ilé, wọ́n á tún fi pín owó omi àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Yàrá kì í wẹ̀, kì í fọṣọ, kì í tẹ fóònù. Èèyàn ló ń ṣe é. Owó kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń fà á, ohun náà sì ni kí ẹ fi pín in.

Ẹ jẹ́ ká mú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan n'Ìbàdàn, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún, tí èèyàn mẹ́ta sì jọ ń gbé ibẹ̀. Ẹ má fi ojú wọn yàrá. Ẹ mú téèpù, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, kí ẹnì kejì fà á, kí ẹnì kẹta kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi gígùn sọ fífẹ̀ di púpọ̀. Iye tó bá jáde ni ojú ilẹ̀ yàrá náà. Yàrá ńlá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀: ojú ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150. Ṣùgbọ́n ó ní tọ́lẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú, 6 sí 5, ìyẹn 30. Ibi tí ẹlòmíràn kò lè wọ̀, ti oníyàrá ni, nítorí náà 180 la ó kọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò. Bálíkónì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ gba inú yàrá kan ṣoṣo jáde náà ń bẹ nínú ìṣirò yàrá yẹn. Yàrá àárín jẹ́ 12 sí 10, ìyẹn 120; yàrá kékeré jẹ́ 10 sí 10, ìyẹn 100. Àpapọ̀ yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 400.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ibi tí gbogbo yín jọ ń lò. Pálọ̀ jẹ́ 252, ilé ìdáná 80, balùwẹ̀ àti tọ́lẹ́ẹ̀tì ìta 48, ọ̀dẹ̀dẹ̀ 20. Òun náà di 400. Ìdajì ilé jẹ́ ti gbogbo yín, ìdajì kejì jẹ́ yàrá. Nítorí náà, ẹ pín owó ilé sí ₦600,000 lọ́nà méjì. Ìdajì àkọ́kọ́, ẹ fi iye èèyàn pín in: ₦200,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdajì kejì, ẹ pín in fún ojú ilẹ̀ 400; ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,500. Yàrá ńlá san ₦270,000, àárín ₦180,000, kékeré ₦150,000. Bí a bá ro ó pọ̀, yàrá ńlá á san ₦470,000, àárín ₦380,000, kékeré ₦350,000.

Bí ẹ bá fi yàrá nìkan pín gbogbo owó náà, ẹni yàrá ńlá á san ₦540,000. Ẹ ti bu owó pálọ̀ lé e lórí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò jókòó sí pálọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Bí tọkọtaya bá wà ní yàrá ńlá, èèyàn di mẹ́rin, owó ibi àjọlò á di ₦150,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì á jọ san ₦570,000, àárín á san ₦330,000, kékeré ₦300,000.

Téèpù kò lè wọn ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, tàbí oòrùn ọ̀sán tó ń gbóná mọ́ ògiri. Ẹ bi ara yín pé: ní iye wọ̀nyí, ta ló fẹ́ pààrọ̀ yàrá? Bí ẹni méjì bá ń fẹ́ yàrá àárín, owó rẹ̀ ti kéré jù. Ẹ fi ₦10,000 kún un, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára yàrá tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, kí ẹ tún béèrè. Apá yàrá nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn.

Owó omi ń tẹ̀lé iye èèyàn àti ọjọ́ tí wọ́n fi sùn sílé. Bí ẹ bá ra omi tánkà ₦20,000 lóṣù tó ní ọjọ́ 30, tí ẹni méjì sun ọjọ́ náà pé, tí ẹnì kẹta rìnrìn àjò tó sì sun 20 péré, àpapọ̀ ọjọ́ jẹ́ 80. Ọjọ́ kan jẹ́ ₦250. Ẹni méjì á san ₦7,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, arìnrìn-àjò á san ₦5,000. Àlejò tó bá sùn ju alẹ́ mẹ́ta lọ, ẹni tó gbà á lálejò ni kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ lé lórí. Bí omi bá ń tètè tán, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́, ẹ ro aró oúnjẹ díẹ̀ sínú táńkì ẹ̀yìn tọ́lẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́. Bí àwọ̀ bá ti dé inú àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, rọ́bà ìdérí inú táńkì náà ti jẹ, omi ń jò lọ láìdáwọ́ dúró. Títún un ṣe jẹ́ ti oníyàrá ńlá bó bá jẹ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì inú yàrá rẹ̀; ti ìta jẹ́ ti gbogbo yín.

Íńtánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ti san owó oṣù, bóyá ẹnì kan wà nílé tàbí kò sí. Nítorí náà, ₦24,000 lóṣù á jẹ́ ₦8,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, arìnrìn-àjò náà á sì san tirẹ̀ pé. Kí ẹnì kan ṣoṣo ra ráútà, kó sì jẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kó lọ. Ẹ̀rọ tí ẹni mẹ́ta dáwó rà ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ń kó jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ wọn ilé, tó bá ku oṣù mẹ́ta kí ẹ tó san owó ilé, ẹ fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Ẹ má kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan níkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ kẹ́yìn á ní ẹ ti gbìmọ̀ pọ̀.

«Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwọ̀n tí a jọ kọ lónìí nìyí: yàrá ńlá pẹ̀lú tọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ 180, àárín 120, kékeré 100, ibi tí a jọ ń lò 400. Àbá mi ni pé ká pín ìdajì owó ilé dọ́gba, ká fi ìwọ̀n yàrá pín ìdajì tó kù. Yàrá ńlá á jẹ́ ₦470,000, àárín ₦380,000, kékeré ₦350,000. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ tí a bá sùn sílé pín owó omi, ká sì pín íńtánẹ́ẹ̀tì dọ́gba. Bí ẹnì kan bá rí i pé iye yàrá òun wọ́n jù, kó sọ yàrá tó fẹ́ fi pààrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ká fèsì kó tó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.»

Bí gbogbo yín bá ti gbà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan, kí ẹ buwọ́ lù ú. Owó ẹjẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì, ẹ pín in bí owó ilé, nítorí ara owó ilé ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Owó kọ́ṣọ̀n, ẹ dá a dọ́gba, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó san síwájú iye tó san, kí onílé lè mọ ẹni tó máa dá a padà fún.