Ìdáhùn méjì fún íńtígírà kan: bí mo ṣe yanjú rẹ̀

Níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ∫ sin x cos x dx dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀kan fi u = sin x, ó rí ½sin²x + C. Èkejì fi u = cos x, ó rí −½cos²x + C. "Sà, èwo ló tọ̀nà?"

Mo ní kí wọ́n yọ ìdáhùn kejì kúrò nínú àkọ́kọ́, láìka C. Ó di ½sin²x + ½cos²x. Sin²x + cos²x kì í yẹ̀ lórí 1, nítorí náà ½ péré ló ṣẹ́ kù, kò sí x nínú rẹ̀ mọ́. Bí a bá dìfaréńṣíétì ½, òfo ni. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà: C ti èkejì kàn fi ½ ju ti àkọ́kọ́ lọ ni. Ó wù mí kí wọ́n fojú rí i, a bá ṣe é láti 0 dé π/2: ½ − 0 jẹ́ ½, 0 − (−½) náà jẹ́ ½.

Bí x bá ṣì kù lẹ́yìn ìyọkúrò, tí ìyàtọ̀ náà sì ń yí bí x ṣe ń yí, ẹnì kan ti ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún 1/x. Ó já sí méjì ní 0, nítorí náà C tó wà lápá òsì 0 lè yàtọ̀ sí ti apá ọ̀tún.